Bá A Ṣe Ń Kéde Pé Agbábọ́ọ̀lù Fara Pa: Kí Ni Ti Fáànù, Kí Ni Ti Ẹni Tó Ni Ara Ẹ̀?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn tó ń ṣe mídíà fún kíláàbù bọ́ọ̀lù sọ nìyí. Àwọn tí ò lè wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mo wá kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu mi, ẹ má bínú tó bá gùn níbì kan tó sì kúrú níbòmíì.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ níbi tí èmi fúnra mi ti ṣàṣìṣe. Kíláàbù kan tí mo bá ṣiṣẹ́ nígbà kan, mi ò ní dárúkọ wọn, ọmọ kan tó ń gbá wíńgì fún wa ṣàdédé di ẹ̀yìn itan mú bó ṣe ń sáré, ó tiro jáde. Kóòṣì ní kí n kọ ọ́ pé nǹkan kékeré ni, pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ó ti padà. Mo kọ ọ́. Wọn ò tíì ya àwòrán itan ọ̀hún o, dókítà ò tíì lanu sọ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ méje gbáko lọmọ yẹn fi jókòó sílé. Ẹ wá wò ó, nínú ọ̀sẹ̀ méje yẹn, àwọn fáànù ò bú èmi, wọn ò bú kóòṣì, ọmọ yẹn ni wọ́n ń bú, wọ́n ní ó ń díbọ́n ni, wọ́n ní ó ti ń bá kíláàbù míì sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, ẹnì kan tiẹ̀ lọ bá ìyá ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lọ bi í pé ṣé owó ọmọ ẹ̀ ni ò pé ni. Ọ̀rọ̀ "kékeré" tí mo kọ yẹn ló fa gbogbo ẹ̀.

Àtìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé téèyàn bá fẹ́ dáàbò bo agbábọ́ọ̀lù, irọ́ kọ́ ló máa pa. Nǹkan mẹ́ta ló máa ń pọ̀ mọ́ra nínú irú ìkéde bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ohun tí gbogbo èèyàn fi ojú ara wọn rí lórí pápá, ìyẹn ò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Ìkejì ni ìgbà tó ṣeé ṣe kó padà wá gbá bọ́ọ̀lù, ìyẹn sì ni ohun tí ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè. Ìkẹta ni ohun tó wà nínú ara ẹ̀ gan-an, iṣan tó já, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, oògùn tó ń lò, iṣẹ́ abẹ. Ti ọmọ yẹn nìyẹn. Òfin ààbò dátà ilẹ̀ Nàìjíríà tí wọ́n ṣe ní 2023 fi ọ̀rọ̀ ìlera sára ohun tó gbẹgẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni tàwọn ará Yúróòpù. Ká tiẹ̀ fi òfin sílẹ̀, oúnjẹ ẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ẹ rántí Christian Eriksen. June 12, 2021, ó ṣubú lulẹ̀ ní Copenhagen níbi tí Denmark ti ń bá Finland gbá, ọkàn ẹ̀ dáwọ́ dúró, gbogbo ayé ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Àjọ bọ́ọ̀lù Denmark ò jẹ́ kó pẹ́ tí wọ́n fi kọ ọ́ síta pé ojú ẹ̀ ti là, pé wọ́n ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀ sí i ní ọsibítù. Ìyẹn ti tó lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí ìbéèrè kan ṣoṣo làwọn èèyàn ní: ṣé ó wà láàyè? Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó wá sọ pé wọ́n máa fi ẹ̀rọ kékeré kan sínú àyà ẹ̀ tí á máa ṣọ́ bí ọkàn ẹ̀ ṣe ń lù, wọ́n sì kọ ọ́ kedere pé Eriksen fúnra ẹ̀ ti gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n wá bẹ aráyé kí wọ́n jẹ́ kóun àti ẹbí ẹ̀ sinmi. Ẹ wo gbólóhùn "ó ti gbà" yẹn dáadáa. Òfin Italy ò sì jẹ́ kí ẹni tó ní irú ẹ̀rọ yẹn lára gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, nígbà tó fi máa di December ọdún yẹn òun àti Inter, kíláàbù Italy tó ń gbá fún, ti fòpin sí kóńtíráàtì ẹ̀, Brentford ní England ló ti padà gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ rí i pé ìlà kan péré nípa ara èèyàn lè sọ orílẹ̀-èdè tó ti máa jẹun. Ẹni tó ń kọ̀wé fún kíláàbù kọ́ ló yẹ kó pinnu ìgbà tí ìlà yẹn máa jáde.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó máa padà ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Victor Osimhen ti wúlò. November 21, 2021, òun àti Skriniar ti Inter forí gbárí, egungun ojú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ fọ́ níbi tó pọ̀. Napoli, kíláàbù tó ń gbá fún nígbà yẹn, sọ ohun tó fọ́, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n ní á gba nǹkan bí 90 ọjọ́. Ẹ gbé kàlẹ́ńdà: 90 ọjọ́ láti November 21 máa kó gbogbo ìdíje Áfíríkà tó bẹ̀rẹ̀ January 9, 2022 ní Cameroon dà nù. Làwọn ọmọ Nàìjíríà bá fárígá, wọ́n ní Napoli ń fi ọmọ wa pamọ́. Síbẹ̀, NFF kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn tó ń lọ, kò pẹ́ ni Kòrónà tún mú un, wọ́n bá fi Peter Olayinka rọ́pò ẹ̀. Ìgbà tó wá di January 17, Osimhen ti wà lórí pápá lọ́dọ̀ Bologna, ó fi ìbòjú dúdú bojú. Ọjọ́ 57 nìyẹn, kì í ṣe 90.

Ṣé Napoli purọ́ ni? Lójú tèmi, rárá. Egungun ní bó ṣe ń jinná, dókítà sì sábà máa ń fi ọjọ́ lé e. Àṣìṣe tí mo rí ni pé nọ́mbà kan ṣoṣo ni wọ́n gbé jáde, nọ́mbà kan sì máa ń dà bí ìlérí, tó bá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ àwọn kan á ní ẹ ti tàn wọ́n tẹ́lẹ̀, tó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ àwọn míì á ní ọmọ yẹn ò fẹ́ gbá. Ká ní wọ́n kọ ọ́ pé "láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, a máa tún yẹ̀ ẹ́ wò ní ìparí December, a sì máa padà wá sọ", àríyànjiyàn á ṣì wà, ẹ mọ̀ wá, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn yẹn á ní ọjọ́ tó máa parí.

Ní America, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù tiwọn, NFL, ní ètò tí mo fẹ́ràn. Láàárín ọ̀sẹ̀ wọ́n á kọ ibi tó ń dun ẹni náà, orúnkún, èjìká, wọ́n á kọ bóyá ó ṣe gbogbo tréníǹgì, bóyá ó ṣe díẹ̀, bóyá kò ṣe rárá. Tó bá wá ku bí ọjọ́ kan sí méjì kí wọ́n gbá, wọ́n á sọ bóyá kò ní gbá, bóyá kò dájú, bóyá ó ṣòro díẹ̀ kó tó lè gbá. Líìgì ló ń fipá mú wọn ṣe é, torí tẹ́tẹ́: tí ìròyìn yẹn bá wà lọ́wọ́ èèyàn mélòó kan, wọ́n á tà á. Kò yàtọ̀ sí tiwa níbí, níbi tí ọmọ tó ń kó bọ́ọ̀lù jọ ní tréníǹgì á ti tẹ àwọn onítẹ́tẹ́ láago kí ẹ tó jí. Àwọn oní họ́kì orí yìnyín, NHL, ní tiwọn, "apá òkè ara" tàbí "apá ìsàlẹ̀ ara" ni wọ́n sábà máa ń sọ, wọ́n ti parí. Àwọn fáànù ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ó ní ọgbọ́n kan nínú: bákan náà ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró dáadáa. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà lẹ máa ń kọ orúnkún, kókósẹ̀, itan, ó wá di ọjọ́ kan ẹ kọ "ọ̀rọ̀ ara ẹni" fún ẹnì kan, ẹ ti tú àṣírí ẹ̀ nìyẹn. Ká tó ṣẹ́jú, wọ́n ti ń kọ ọ́ lábẹ́ ẹ̀ pé ìyàwó ẹ̀ ti sá lọ, pé ó ń mu igbó, pé orí ẹ̀ ti dàrú. Ohun tó lè gbà yín ni kẹ́ ẹ ti ní ẹ̀ka kan láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, "kò sí lára àwọn tó wà nílẹ̀ fún bọ́ọ̀lù yìí", kẹ́ ẹ máa lò ó fún ẹni tí ibà mú, ẹni tó lọ sí ìsọmọlórúkọ, ẹni tí kóòṣì fi sílé, gbogbo wọn pátá. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá wá ní ohun tó wúwo, á fara pamọ́ sáàárín àwọn yòókù láìsí pé ẹ pa irọ́ kankan.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ wíńgì mi, ká tún un kọ. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀: "Ó jáde ní ìṣẹ́jú 34 torí ìrora ní itan. Wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò, a máa sọ bó bá ṣe rí lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè." Ó tán. Ẹ má kọ "kékeré", ẹ má kọ "ńlá", nítorí iṣan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya máa ń wú, àwọn dókítà sì sábà máa ń fẹ́ dúró bí ọjọ́ kan sí mẹ́ta kí wọ́n tó gbára lé àwòrán inú ẹ̀. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè: "Àyẹ̀wò fi hàn pé ó fara pa ní ẹ̀yìn itan. A ń retí pé kò ní gbá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ, a máa tún sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òun náà ti ka ìkéde yìí, ó sì fọwọ́ sí i." Bí iṣan ṣe ya tó ò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ò sí níbẹ̀ pé itan yẹn ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ọdún tó kọjá, torí ìyẹn ni kíláàbù tó bá fẹ́ rà á máa fi já owó ẹ̀ wálẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: "Ó ti ń sáré lóun nìkan, kò tíì dara pọ̀ mọ́ àwọn yòókù." Fáànù tó gbọ́n ti mọ̀ níbẹ̀ pé Sátidé yìí kọ́ nìyẹn.

Ẹ wò ó, kí n tó kọ gbogbo èyí, mi ò nílò èsì àyẹ̀wò yẹn rárá. Ìwé kékeré kan láti ọ̀dọ̀ dókítà tó: ibi tó wà, ọ̀sẹ̀ mélòó sí mélòó, ọjọ́ tí a máa tún sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí àwòrán yẹn dé orí Wọ́sáàpù yín, ohun tí ò sí lórí fóònù yín ò lè tibẹ̀ jáde. Kí kóòṣì náà sì ka ìwé kan yẹn kó tó lọ bá oníròyìn, torí òun ló máa ń bà á jẹ́ jù, inú á bí i tán á ní "orúnkún ẹ̀ ti lọ", gbogbo wàhálà yín ti wọmi.

Ẹ̀gbọ́n kan dìde níparí, wọ́n ní tí ọmọ náà bá wá fúnra ẹ̀ gbé fọ́tò jáde lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ńkọ́, ṣé a lè wá sọ gbogbo ẹ̀? Mo ní rárá, bàbá. Ohun tó gbé jáde ni ẹ lè tọ́ka sí, bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, ẹ ò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ dókítà kún un. Tó bá di ọ̀la tó yọ fọ́tò yẹn kúrò, kẹ́yin náà yọ tiyín.