Òkúta lẹ́nu okùn: bí a bá fà á sún mọ́ àárín, kí ni eré rẹ̀ yóò dà?

Ẹ káàbọ̀. Abẹ́òkúta ni a wà, lórí pápá gbalasa, nítorí òkúta tí yóò máa fò yí orí èèyàn ká kò gbọdọ̀ wà nítòsí fèrèsé tàbí ọmọ kékeré.

Ẹ wo ọwọ́ mi. Okùn gba inú páìpù kékeré yìí kọjá. Òkúta wà ní òkè, ọwọ́ òsì mi sì di ìdí okùn mú nísàlẹ̀. Òkúta ń yípo, ó jìnnà sí ẹnu páìpù ní sẹ̀ntímítà 80. Bí mo bá fa okùn wálẹ̀ títí ó fi ku sẹ̀ntímítà 40, kí ni eré rẹ̀ yóò dà? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ ọ́ pé eré kò yí padà: àárín ni okùn ń fà á sí, wọ́n ní, kò tì í láti ẹ̀yìn. Ìdáhùn yẹn kò tọ̀nà, fóònù lásán sì tó láti fi hàn.

Ẹ jẹ́ ká to nǹkan wa. Òkúta gírànáìtì kékeré ni mo lò, irú èyí tí àwọn bíríkìlà ń pò mọ́ sìmẹ́ńtì. Kò sí àdúgbò tí ẹ kò ti ní rí i nílùú yìí. Èyí wọn giráàmù 50. Ẹ fi aṣọ wé e, ẹ fi téèpù dì í, kí ẹ tó so okùn mọ́ ọn. Okùn ọ̀rá tí àwọn apẹja ń lò ni kí ẹ rà, èyí tó lè gbé kílò 5 ó kéré tán. Ẹ má lo òwú ìránṣọ. Páìpù wa ni ike bírò tí a ti yọ inú rẹ̀, tí a gé sí sẹ̀ntímítà 12. Ẹ fi sáńpépà ra ẹnu rẹ̀ méjèèjì dáadáa, nítorí etí tó mú yóò gé okùn, etí tó sì rí gbágungbàgun yóò máa há a.

Ní sẹ̀ntímítà 40 sí òkúta, ẹ so ìlẹ̀kẹ̀ kan tí kò lè wọ ẹnu páìpù. Òun ni yóò dá okùn dúró nígbà tí ẹ bá ń fà á. Lẹ́yìn náà, ẹ fi téèpù di okùn ní sẹ̀ntímítà 101 sí òkúta, kó nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní wọ páìpù láti ìsàlẹ̀. Ẹ yọ gígùn páìpù kúrò, ó ku 89. Ẹ óò bi mí pé ṣebí 80 ni mo sọ. Òkúta ní ìwúwo, nítorí náà okùn kò lè nà gbọnrangandan; ó máa ń tẹ̀ sísàlẹ̀. Nígbà tí eré bá jẹ́ mítà 4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìtẹ̀sí yẹn tó ìwọ̀n dígírì 26, okùn tó gùn ní 89 sì ń fún wa ní òbírí tí àárín rẹ̀ jìnnà sí etí ní 80. Nígbà tí a bá dé 40, òkúta ti ń sáré débi pé ìtẹ̀sí kò ju dígírì mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ, a lè gbàgbé rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò kí a tó jù ú. Ohun tí a ń pè ní mòmẹ́ńtọ̀mù ìyípo ni ìwúwo, eré àti jíjìnnà sí àárín, tí a sọ di púpọ̀ mọ́ra wọn. Ohun kan ṣoṣo ló lè yí i padà: ipá tó ń ti òkúta síwájú tàbí tó ń fà á sẹ́yìn yí àárín ká. Okùn kò ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnu ihò gan-an ni ó ń fà á sí. Ìwúwo òkúta náà kò ṣe bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ni ó ń fà á sí. Nítorí náà mòmẹ́ńtọ̀mù ìyípo, tí a fi L dúró fún, kò yí padà:

```
L = m v r
T = m v² / r = L² / (m r³)
```

m ni ìwúwo, v ni eré, r ni jíjìnnà sí àárín, T sì ni ipá inú okùn. Níbẹ̀rẹ̀, L jẹ́ 0.05 × 4 × 0.8, ìyẹn 0.16. Bí r bá di ìdajì, v gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì kí L má bàa yí padà: mítà 8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní ti ipá okùn, v tó di ìlọ́po méjì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, r tó di ìdajì tún sọ ọ́ di ìlọ́po méjì sí i. Mẹ́jọ ni. Láti niútọ̀n 1, ó di niútọ̀n 8. Mo yọ ìtẹ̀sí okùn kúrò níbí. Bí a bá kà á mọ́ ọn, ti ìbẹ̀rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bíi 1.1.

Níbo wá ni eré náà ti wá? Ọwọ́ yín ni. Bí òkúta ṣe ń wọlé, kì í ṣe òbírí ló ń yí mọ́, ó ń ká wọnú bí ìgbín ṣe ká. Okùn kò wá dábùú ojú ọ̀nà rẹ̀ gan-an mọ́; díẹ̀ nínú ipá rẹ̀ bọ́ sí iwájú òkúta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ihò náà ló ṣì ń fà á sí, tí L kò sì yí padà. Agbára òkúta jẹ́ júùlù 0.4 tẹ́lẹ̀, ó di 1.6. Júùlù 1.2 tó lé sí i ni iṣẹ́ tí ọwọ́ yín ṣe, bí ẹ bá sì ro iye T pọ̀ láti 0.8 dé 0.4, 1.2 náà ni ẹ óò bá.

Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan gbé fóònù sórí ìdúró níwájú yín, kó jìnnà tó mítà 4, kó sì ya fídíò tó ní fírémù 120 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ fi ọwọ́ yí òkúta títí ìyípo méjì yóò fi gba ìṣẹ́jú-àáyá méjì àti ààbọ̀. Ẹ wá dá ọwọ́ tó di páìpù mú dúró gbọn-in, ẹ jẹ́ kó yí ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ẹ sì fa okùn wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan títí ìlẹ̀kẹ̀ yóò fi kan ẹnu páìpù.

Ẹ ka fírémù ìyípo kan ṣáájú fífà, ẹ ka ti ìyípo kan lẹ́yìn rẹ̀. Ìṣírò wa ní kó jẹ́ 151, kó sì di 38: ìlọ́po mẹ́rin, nítorí ọ̀nà di ìdajì, eré sì di ìlọ́po méjì. Ká ní eré kò yí padà ni, 75 ni ẹ ì bá rí. Ìyàtọ̀ 38 àti 75 pọ̀ ju ohun tí àṣìṣe kíkà lè fà lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju kí a máa fi síkéèlì wọn ipá okùn nísàlẹ̀. Síkéèlì yóò ka ohun tí etí páìpù ń fà há mọ́ ọn, nígbà tí a bá ń fa okùn lọ́wọ́, iye tó máa fi hàn á ga ju ipá tó wà lókè lọ.

Bí ẹ bá rí 41 tàbí 43, atẹ́gùn àti etí páìpù ti jẹ díẹ̀ nínú L. Ẹ tún fi sáńpépà ra etí páìpù náà, ẹ má sì jẹ́ kí òkúta yí púpọ̀ kí ẹ tó fà á. Bí ẹ bá rí 34, ọwọ́ yín kò dúró. Páìpù tó ń mì ní òbírí kékeré kò jẹ́ kí okùn fà sí ojú kan ṣoṣo mọ́, ó ti ń ti òkúta síwájú, L sì ti pọ̀ sí i. Ẹ dá ọwọ́ dúró gbọn-in, kí ẹ tún un ṣe.

Ẹ má sún ìlẹ̀kẹ̀ sí sẹ̀ntímítà 20. Ẹ fi 0.2 sí ipò r nínú ìlà kejì lókè: niútọ̀n 64 ni, ó ju kílò 6 lọ, okùn kílò 5 yóò já, òkúta á sì bọ́ lọ tààrà ní mítà 16 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.