Kàlẹ́ńdà Kọ́ Là Ń Wò: Lukẹ́míà Àkíútì àti Kúróníìkì, Míẹ́lọ́ìdì àti Límúfọ́ìdì

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìmúrasílẹ̀ ìdánwò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀jẹ̀, ní Ìkòròdú. A gé díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, a ò gé àwàdà rẹ̀.

Ẹ kú ìjókòó o. Àṣìṣe tó ń jẹ máàkì yín jù ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá ti rí "àkíútì" lára orúkọ lukẹ́míà, ìyẹn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, báyìí, ẹ ó kọ "àìsàn òjijì". Ẹ rí "kúróníìkì", ẹ kọ "àìsàn tó ti pẹ́ lára". Kì í ṣe irọ́, nítorí láyé àtijọ́, bí aláìsàn ṣe tètè ń kú sí ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ. Àmọ́ lónìí, kì í ṣe kàlẹ́ńdà là ń wò, bí sẹ́ẹ̀lì ṣe gbó tó ni.

Ọ̀pọ̀ yín mọ ẹni tó ń sin ẹja àrọ̀ ní ìlú yìí. Bí ọmọ ẹja bá kún adágún, tí wọ́n ń pọ̀ sí i ṣùgbọ́n tí ọ̀kan ò dàgbà, kò ní sí ẹja tí ẹ máa kó lọ ọjà, àwọn ọmọ ọ̀hún á sì ti gba gbogbo àyè. Àkíútì nìyẹn. Bí ẹja bá ń dàgbà, àmọ́ tí wọ́n kàn pọ̀ ju ohun tí adágún lè gbà, kúróníìkì nìyẹn. Ẹja ṣì ń jáde níbẹ̀, ó kàn ti pọ̀ lápọ̀jù ni.

Ọmọ ẹja yẹn là ń pè ní bílásìtì. Nínú mùdùnmúdùn egungun ẹni tó ní ìlera, wọn kì í pé 5 nínú 100. Bí wọ́n bá tó 20 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àkíútì ni ẹ óò kọ. Bílásìtì kì í bá kòkòrò àrùn jà, ó sì ti gba àyè àwọn tó ń ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa àti plétílẹ́ẹ̀tì. Ìdí rèé tí aláìsàn àkíútì fi ń wá pẹ̀lú nǹkan mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ibà ń mú un, ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ ní èrìgì. Ẹ má há mẹ́ta yẹn sórí bí orin; ibi tí bílásìtì gbà ló bí wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìbéèrè kan pọ̀. Apẹja kan láti Ẹ̀pẹ́, ẹni ọdún 41, ní inú òun ń kún lápá òsì, oúnjẹ díẹ̀ ló sì ń yó òun. Wọ́n ti fún un ní oògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì. Sípílíìnì rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 14 sábẹ́ egungun ìhà. Sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ jẹ́ 186 × 10⁹/L, nígbà tí ti ẹni tó ní ìlera kì í sábà ju 11 lọ. Plétílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ 610, èyí tó ga. Lábẹ́ maikirosikópù, nínú sẹ́ẹ̀lì 100: níútírófílì tó ti gbó 44, èyí tó kù díẹ̀ kó gbó 14, mẹtamíẹ́lọ́sáìtì 6, míẹ́lọ́sáìtì 22, básófílì 6, límúfọ́sáìtì 4, ìyósínófílì 1, bílásìtì 3.

Níbí ni akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìṣirò jù ti ń já sí kòtò. Á sọ pé 3 nínú 100 lára 186, bílásìtì lé ní 5 × 10⁹/L nìyẹn, ó pọ̀, àkíútì ni! Rárá o. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún là ń wò, 3 kò sì sún mọ́ 20. Gbogbo ìpele ìdàgbàsókè ló pé síbẹ̀, látorí ọmọ títí dórí àgbà. Kúróníìkì ni.

Ilé wo ni wọ́n ti wá? Níútírófílì, básófílì, míẹ́lọ́sáìtì: ọmọ ilé míẹ́lọ́ìdì ni gbogbo wọn. Ilé yẹn kan náà ló ń bí sẹ́ẹ̀lì pupa àti plétílẹ́ẹ̀tì. Ilé kejì, límúfọ́ìdì, ló ń bí àwọn sẹ́ẹ̀lì B àti T. Nítorí náà lukẹ́míà míẹ́lọ́ìdì kúróníìkì, CML, ni apẹja wa ní. Àrùn kòkòrò tó le náà lè gbé sẹ́ẹ̀lì funfun sókè, àmọ́ kì í gbé básófílì sókè báyìí, bẹ́ẹ̀ ni míẹ́lọ́sáìtì kì í sábà pọ̀ ju mẹtamíẹ́lọ́sáìtì lọ níbẹ̀. Ohun tó máa parí ẹjọ́ ni t(9;22), ìyẹn kúrómósómù Filadẹ́fíà tí Nowell àti Hungerford rí ní 1960, tó ń bí jíìnì BCR-ABL1. Ímátíníbù ni oògùn tó ń dí i lọ́wọ́.

Àwọn kan wà tó ń ta ìwé pélébé fún yín pé ọjọ́ orí nìkan tó: ọmọdé ALL, ìyẹn límúfọ́ìdì àkíútì; arúgbó CLL, ìyẹn límúfọ́ìdì kúróníìkì. Ẹ bá mi kí wọn. Ọjọ́ orí ń júwe ọ̀nà ni, kì í dájọ́.

*(Akẹ́kọ̀ọ́ kan nawọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí apẹja yẹn bá padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, tí bílásìtì rẹ̀ di 34 nínú 100 ńkọ́? Ṣé a ó ṣì kọ kúróníìkì?")*

Ìbéèrè yìí dáa ju gbogbo ohun tí mo gbé wá lọ, ẹ jẹ́ ká fi ìwé mi sílẹ̀. Ẹ kọ "CML, ìpele bílásìtì". Ìwà rẹ̀ ti di ti àkíútì, orúkọ ìran rẹ̀ kò yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró níbẹ̀. Ẹ bi ara yín pé bílásìtì ilé wo? Nínú nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, míẹ́lọ́ìdì ni. Nínú èyí tó kù, ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ límúfọ́ìdì! Báwo ni ọmọ ilé kejì ṣe jáde nínú àrùn ilé àkọ́kọ́? Torí pé orí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, baba ilé méjèèjì, ni t(9;22) ti ṣẹlẹ̀. Ojú lásán kì í sì í mọ irú bílásìtì yìí: àmì ara sẹ́ẹ̀lì là ń wò. MPO ń fi míẹ́lọ́ìdì hàn, TdT pẹ̀lú CD19 ń tọ́ka sí límúfọ́ìdì ti ìran B. Ìtọ́jú àwọn méjèèjì yàtọ̀, ìdí rèé tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ méfò.

Wọ́n ti ń fi aago hàn mí, mo máa sáré. ALL: ẹ ṣọ́ra fún ọmọ ọdún 4 tí egungun ń dùn, tí sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ jẹ́ 3.2 péré. Wọ́n á ní sìkúlà ni, jẹnotáìpù rẹ̀ á sì jáde ní AA. Iye tó kéré kò lé àkíútì lọ, torí bílásìtì lè wà nínú mùdùnmúdùn láì tíì jáde sínú ẹ̀jẹ̀. AML, míẹ́lọ́ìdì àkíútì: bí ẹ bá rí ọ̀pá pupa tín-ín-rín nínú bílásìtì, ọ̀pá Auer ni, ilé míẹ́lọ́ìdì ló ti wá. Bí ọ̀pá náà bá pọ̀ bí ìdì igi ìdáná, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì dá, ẹ ronú t(15;17); wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn ATRA lójú ẹsẹ̀ láì dúró de èsì jíìnì, torí ìṣẹ̀jẹ̀ ló ń tètè pa wọ́n.

CLL ló kù. Límúfọ́sáìtì tó gbó, tó kéré, tí púpọ̀ nínú wọn fọ́ pẹ́rẹsẹ lórí gíláàsì nígbà tí ẹ tẹ́ ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì B tó tó 5 × 10⁹/L fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, tó ní àmì CD5 pẹ̀lú CD23. Ẹni tó bá sì kọ CLL fún ọmọ ọdún mẹ́fà nínú ìdánwò, kó má sọ pé èmi ni mo kọ́ òun.