Èló Ni Ọjà Ń Ná Iṣẹ́ Yín?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹni tó fẹ́ ra tòmátì máa ń dé ìsọ̀ mẹ́ta kó tó náwó. Ṣùgbọ́n tá a bá fẹ́ béèrè àfikún owó oṣù, ọ̀rọ̀ owó ilé àti owó ọkọ̀ la máa ń gbé lọ bá ọ̀gá. Òótọ́ ni pé nǹkan wọ́n, àmọ́ ohun tí ọ̀gá lè gbé síwájú àwọn tó ń fọwọ́ sí owó ni iye táwọn iléeṣẹ́ mìíràn ń san fún irú iṣẹ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi akáńtáǹtì kan ní Ìkẹjà ṣe àpẹẹrẹ. ₦280,000 ló ń wọ àkáǹtì rẹ̀ lóṣù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ₦400,000 ni tòun. Inú bí i, ó fẹ́ẹ̀ lọ bá ọ̀gá lọ́jọ́ náà. Ó ṣe é ní oore pé ó kọ́kọ́ béèrè pé: “Ṣé iye tó ń wọ àkáǹtì ẹ nìyẹn, àbí kí wọ́n tó yọ nǹkan nínú ẹ̀?”

Kí wọ́n tó yọ ọ́ ni. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣirò. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí wọ́n yọ ó kéré tán ìdá 8 nínú 100 lára owó oṣù gangan, owó ilé àti owó ọkọ̀ tí wọ́n ń san fún òṣìṣẹ́. Bí àpapọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ ₦300,000, ₦24,000 ti lọ nìyẹn, owó orí ṣì ń bọ̀. Akáńtáǹtì wa wo ìwé owó oṣù tirẹ̀: ₦330,000 ni kí wọ́n tó yọ nǹkan. Àlàfo tó rò pé ó jẹ́ ₦120,000 di ₦70,000.

Ẹnì kan ṣoṣo kò sì tó ẹ̀rí. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ kàwé, àti lọ́wọ́ ẹnì kan tó máa ń bá iléeṣẹ́ wá òṣìṣẹ́, torí pé ọ̀pọ̀ ìpolówó iṣẹ́ nílẹ̀ wa kì í sọ iye owó. Kò béèrè orúkọ oyè nìkan. Ó béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe: ta ló ń parí ìṣirò ọdún, ta ló kàn ń kọ rìsíìtì? Ó kọ ọjọ́ síwájú iye kọ̀ọ̀kan, nítorí iye tí wọ́n san kí náírà tó já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ti di àkísà.

Ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ nìyí: 340,000, 360,000, 370,000, 400,000 àti 520,000. Ó fi ìlà pa èyí tó gbẹ̀yìn rẹ́, torí pé iléeṣẹ́ epo ni.

Nígbà tó dé iwájú ọ̀gá, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn tó ń parí ìṣirò ọdún bíi tèmi ń gba ₦340,000 sí ₦400,000 kí wọ́n tó yọ nǹkan. ₦330,000 ni tèmi. Ẹ bá mi sọ ọ́ di ₦370,000.”