Ta Ló Dá Ọjọ́ Ọdún? Ètò Ẹ̀kọ́ Lórí Iléyá, Àjíǹde àti Agẹmọ

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, bí ẹ bá ní kí ọmọ girama fi ọdún Mùsùlùmí wé ti Kìrìsìtẹ́ẹ́nì, yóò kọ ọ́ pé wọ́n ń pa ẹran, wọ́n sì ń wọ aṣọ tuntun. Kò purọ́, àmọ́ kò tíì fi nǹkan kan wé nǹkan kan. Èmi ni mo fà á nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí: mo ní kí wọ́n to ọdún kọ̀ọ̀kan sábẹ́ oúnjẹ, aṣọ àti orin. Ogójì ìwé ni mo máàkì, ó dà bí ẹni pé ẹnì kan ló kọ gbogbo rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ìbéèrè kan ni mo fi ń ṣe ìpìlẹ̀: ta ló dá ọjọ́ ọdún yìí, kí ló sì fi dá a? Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a óò pàdé, ogójì ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ọmọ lè ṣe tí a bá parí: kó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń rí ọjọ́ ọdún mẹ́ta, kó ya ìsìn sọ́tọ̀ kúrò lára ayẹyẹ ìlú, kó sì ròyìn ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ́nà tí ẹni tó ń ṣe é yóò fi gbà pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìpàdé kejì ni ẹran ibẹ̀. Mo kọ ọjọ́ Iléyá sí bọ́ọ̀dù: 28 oṣù kẹfà 2023, 16 oṣù kẹfà 2024, 6 oṣù kẹfà 2025. Mo wá kọ Àjíǹde sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: 9 oṣù kẹrin 2023, 31 oṣù kẹta 2024, 20 oṣù kẹrin 2025. Mi ò sọ nǹkan kan. Láìpẹ́ ẹnì kan á ní Iléyá ń padà sẹ́yìn, Àjíǹde sì ń lọ ń bọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá àwọn Mùsùlùmí ni Iléyá. Oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n ń kà, oṣù méjìlá rẹ̀ kò sì ju ọjọ́ 354 tàbí 355 lọ, bẹ́ẹ̀ ọdún tí a ń lò ní ọ́fíìsì jẹ́ 365. Ọjọ́ bíi mọ́kànlá ló ń dín lọ́dọọdún. Ọmọ tó mòye á bi yín pé kí ló dé tí 2023 sí 2024 fi jẹ́ ìyàtọ̀ ọjọ́ méjìlá, tí èyí tó tẹ̀lé e sì jẹ́ mẹ́wàá. Ẹ rán an létí pé oṣù kejì ọdún 2024 ní ọjọ́ 29, àti pé ọjọ́ 354 ló wà láàárín Iléyá méjì àkọ́kọ́, 355 sì wà láàárín méjì tó tẹ̀lé e. Àjíǹde náà ń wo òṣùpá, ṣùgbọ́n ó so ó mọ́ oòrùn: ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú tó bọ́ sí 21 oṣù kẹta tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà kì í kúrò láàárín 22 oṣù kẹta sí 25 oṣù kẹrin, bẹ́ẹ̀ Iléyá lè bá ọ̀gbẹlẹ̀, ó sì lè bá òjò. Ti Agẹmọ, ọdún ìṣẹ̀ṣe Ìjẹ̀bú, kò sí nínú tábìlì kankan. Àwọn Alágẹmọ mẹ́rìndínlógún tó ń pé sí Ìmọ̀sàn ló ni àṣẹ rẹ̀ pẹ̀lú ààfin.

Ìpàdé kẹta ni Ojúde Ọba, ayẹyẹ ìlú Ìjẹ̀bú-Òde. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, tí a bá ka ọjọ́ Iléyá mọ́ ọn, àmọ́ kò sí nínú ìsìn Ìsìláàmù. Àwọn Mùsùlùmí ló kọ́kọ́ ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ pé ó gbà wọ́n láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Lónìí, Kìrìsìtẹ́ẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe wà nínú àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, tó ń yọ̀. Níbí ni ayẹyẹ ìlú ti ń dàpọ̀ mọ́ ìsìn lójú ọmọ. Ẹ má kánjú kọjá rẹ̀.

Ní ti ète kẹta, ẹ ṣọ́ra lórí Agẹmọ. Mo ní kí ọmọkùnrin kan fi bí Agẹmọ ṣe ń jó hàn wá nígbà kan. Àwọn ọmọbìnrin méjì bojú, wọ́n sá jáde. Obìnrin kì í wo Agẹmọ, mo sì mọ̀ ọ́n. Sísọ tó, àwòrán pàápàá kò yẹ.

Ìdánwò jẹ́ ogún máàkì: mẹ́wàá fún ọjọ́ àti ìdí rẹ̀, márùn-ún fún Ojúde Ọba, márùn-ún fún ìròyìn. Ọmọ kan kọ pé Iléyá àti Àjíǹde jọra nítorí pé inú àwọn èèyàn máa ń dùn. Mo fún un ní ẹyọ kan nínú mẹ́wàá. Èkejì kọ pé òṣùpá ni méjèèjì ń wò, àmọ́ Àjíǹde kò lè bọ́ sí oṣù kẹjọ láéláé, nítorí oòrùn dì í mú. Mẹ́sàn-án ni mo fún un. Ó gbàgbé ọjọ́ Àìkú.