Obìnrin tí PCV rẹ̀ jẹ́ 22 tó ṣì ń dín gààrì: ìlà ọ́síjìn àti himogilóbíìnì

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera ní Kàbbà)

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará mi. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ láti Kàbbà títí dé Ìsánlú, kò sí ẹni tí kò tíì rí irú obìnrin yìí nínú wa. Ìju ti ń mú kí nǹkan oṣù rẹ̀ pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ń dín gààrì, ó ń ná ọjà, ó kàn ń mí hẹlẹhẹlẹ bó bá gun òkè ni. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, PCV, ìyẹn ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 22. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wo ọ́síjìn há a níka, ẹ̀rọ ní 96. Èwo ni ká gbà gbọ́? Méjèèjì ni, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń wọ̀n yàtọ̀ síra.

Ẹ jẹ́ ká ya ìlà kan. Ní ìsàlẹ̀ ìwé, ẹ kọ ipá ọ́síjìn ní mmHg. Ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ kọ ìdá himogilóbíìnì tó gbé ọ́síjìn nínú ọgọ́rùn-ún. Ìlà náà kò ní lọ gbọọrọ, yóò tẹ̀ bíi lẹ́tà S, nítorí ibi mẹ́rin ni himogilóbíìnì kan ń gbé ọ́síjìn sí, èyí àkọ́kọ́ tó bá sì wọlé a máa mú kó rọrùn fún àwọn tó kù. Nínú ẹ̀dọ̀fóró, ipá jẹ́ nǹkan bíi 100, ìlà sì wà ní 97. Nínú ẹran ara tó ń sinmi, ipá jẹ́ 40, ìlà bọ́ sí 75. Ìdá 22 ni ẹ̀jẹ̀ fi sílẹ̀ fún ara. Ipá tí ìlà fi wà ní àádọ́ta ni à ń pè ní P50. Ó jẹ́ 27 lára ẹni tí ara rẹ̀ dá.

Bí ìlà bá sún sí ọ̀tún, P50 ti lọ sókè nìyẹn: ní ipá kan náà, himogilóbíìnì kò di ọ́síjìn mú tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Orí ìlà fẹ́ẹ̀ tẹ́jú, nítorí náà gbígbà ọ́síjìn nínú ẹ̀dọ̀fóró kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ibi tó lọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, níbi tí ara ti ń gbà á, ni ìyàtọ̀ ti ń hàn.

Ooru, kábọ́nì dáyọ́síàìdì àti ásíìdì ń sún un. Ti kábọ́nì dáyọ́síàìdì ni Kirísítíánì Bóórì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní Kopenhágìn lọ́dún 1904. Itan ẹni tó ń kọ ebè ń mú gbogbo wọn jáde, bí ẹ̀jẹ̀ bá sì padà dé ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n á lọ. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ẹ̀kẹrin ni tiwa lónìí.

2,3-BPG ni wọ́n ń pè é. Sẹ́ẹ̀lì pupa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é bó ti ń lo ṣúgà. Ó máa ń wọ àárín himogilóbíìnì tó ti sọ ọ́síjìn kalẹ̀, a sì dì í mú ní ipò yẹn kó má baà tètè gbé òmíràn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dín kù tipẹ́, 2,3-BPG á pọ̀ sí i, kì í sì í dédé lọ bí ti ooru.

Ẹ wá ká ṣe ìṣirò obìnrin wa. Himogilóbíìnì rẹ̀ tó gíráàmù 7.5 nínú 100 mílílítà ẹ̀jẹ̀. Gíráàmù kan ń gbé ọ́síjìn 1.34 mílílítà, torí náà bó bá kún, ó gbé 10. Bí ìlà rẹ̀ bá wà ní ipò àtijọ́, ìdá 22 rẹ̀ jẹ́ 2.2 péré. Ẹ jẹ́ ká ní P50 rẹ̀ ti di 31. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kún dé 96, ìyẹn kò sì burú. Ṣùgbọ́n ní ipá 40, ó bọ́ sí 66. Ìdá 30 ló fi sílẹ̀: mílílítà 3. Ẹni tí himogilóbíìnì rẹ̀ jẹ́ 13 ń fi nǹkan bíi 3.8 sílẹ̀. Ìdí tó fi ń rìn nìyẹn, ọkàn rẹ̀ náà sì ń tú ẹ̀jẹ̀ jáde ju ti ìṣáájú lọ. Ẹ̀rọ ìka wo ìdá tó kún nìkan, kò mọ̀ pé himogilóbíìnì fúnra rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì.

Nọ́ọ̀sì kan bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó wá dáa báyìí ká fi í sílẹ̀?” Rárá. Bí òtútù àyà bá mú un, tí ipá ọ́síjìn rẹ̀ bọ́ sí 50, ó ti kúrò lórí ibi tó tẹ́jú. Pẹ̀lú P50 27, ìdá 84 ni ì bá kún. Pẹ̀lú 31, 78 ni. Ohun tó ń gbà á tẹ́lẹ̀ ti wá ń gba lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ sì fà sí i lára náà ní tirẹ̀. Nínú fíríìjì, 2,3-BPG inú ẹ̀jẹ̀ ń dín kù, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń gba ọ́síjìn, àmọ́ ó ń di í mú. Ara ni yóò tún un ṣe, ó sì lè gba ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, PCV tó gòkè lórí ìwé lálẹ́ kò túmọ̀ sí pé ẹran ara ti ń rí gbogbo rẹ̀ gbà ní alẹ́ yẹn.