Ilẹ̀ Ni Bọ́ọ̀lù Ti Ń Sọ Bó Ṣe Wúwo Tó

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ánímésọ̀n sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọjọ́ Sátidé kan. Mo yọ àwọn àwàdà kan kúrò, ìyókù wà bí mo ṣe sọ ọ́.)

Ẹ káàsán o, ẹ kú ìjókòó. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ju nǹkan sílẹ̀ ná.

Ọmọ ọlọ rèé. Mo yá a lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ta ata ní Tákíe, mo sì ti ṣèlérí pé n óò dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá rèé. Ẹni tó ni gbọ̀ngàn yìí ti bẹ̀ mí pé kí n má fọ́ sìmẹ́ńtì òun, ìdí nìyẹn tí àpò ìrẹsì fi wà nílẹ̀. Mo gbé méjèèjì sókè débi àyà, mo jù wọ́n sílẹ̀ pọ̀. Ẹ gbọ́ ọ? Gbì! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Òkúta ò ṣáájú, bọ́ọ̀lù ò sì kẹ́yìn.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ohun tí mo ń rí nínú iṣẹ́ yín ni pé, bí ẹ bá fẹ́ kí nǹkan wúwo, ẹ ó mú kó sáré já bọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kó fúyẹ́, ẹ ó mú kó máa rọra bọ̀. Ìyẹn tọ́ fún bàlúùnù tàbí ìyẹ́ adìyẹ, torí afẹ́fẹ́ ń dá wọn dúró. Ṣùgbọ́n láti ibi àyà dé ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ò rí nǹkan gidi ṣe fún bọ́ọ̀lù tàbí òkúta. Bákan náà ni wọ́n ṣe ń já bọ́. Ìgbà tí wọ́n bá kan ilẹ̀ tán ni a tó mọ èyí tó wúwo. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìjábọ́ yẹn dáadáa, ká fi sílẹ̀, ká má tún fọwọ́ kàn án mọ́.

Àwòrán 24, tí à ń pè ní fírémù, la ń lò fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Nǹkan tó bá já bọ́ fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn fírémù 12, á ti rin nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 123. Ibi àyà mi nìyẹn, ẹ ò rí i pé mi ò ga. Ìbéèrè tó kù ni bí a ó ṣe pín sẹ̀ǹtímítà 123 yìí sínú fírémù 12.

Mo mú ọmọ ayò 16 wá. Ẹ wò ó lórí tábìlì. Fún fírémù 3 àkọ́kọ́, mo gbé ọmọ ayò 1 kalẹ̀. Fún 3 tó tẹ̀ lé e, mo gbé 3. Fún 3 mìíràn, 5. Fún 3 ìkẹyìn, 7. Ẹ kà á, 16 ló pé. Ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8. Bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan sọ́dọ̀ gẹ́lẹ́ nìyí: nígbà tí ìdajì àkókò bá ti lọ, ọmọ ayò 4 péré la ti ná, bọ́ọ̀lù ò tíì kọjá sẹ̀ǹtímítà 31. Gbogbo ìyókù, fírémù 6 tó kẹ́yìn ló jẹ ẹ́.

Bí a bá pín in ní dọ́gbadọ́gba, 4, 4, 4, 4, a ó rí nǹkan tí wọ́n so mọ́ okùn, bíi garawa tó ń wọ kànga lọ. Bí a bá sì pín in kó rọra bẹ̀rẹ̀, kó sáré láàárín, kó tún rọra parí, àrùn tó ń ṣe ọ̀pọ̀ yín nìyẹn, òun náà ló ṣe èmi.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n sanwó rẹ̀ fún mi, ìpolówó kékeré kan ni, bọ́ọ̀lù ń ta lórí ìgò. Oníbàárà wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé bọ́ọ̀lù yín rẹ̀ ni? Ó ń jókòó kó tó dìde." Inú bí mi nígbà yẹn. Òótọ́ ló sọ. Mo ti fi àmì sí ìgbà tó wà lókè, mo fi sí ìgbà tó wà nílẹ̀, mo sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ fa ìlà àárín wọn. Kọ̀ǹpútà ò sì mọ ilẹ̀ yàtọ̀ sí ojú ọ̀run. Nínú Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ánímésọ̀n, bí ẹ ò bá yí nǹkan kan padà, yóò dẹ eré ní ìkángun méjèèjì. Lókè, ó dáa, torí bọ́ọ̀lù tó dé òkè máa ń falẹ̀ lóòótọ́ kó tó padà. Nílẹ̀, ìwà irọ́ ni. Kò sí bọ́ọ̀lù tó ń tẹ bíréèkì kó tó kan ilẹ̀. Ibi tó ti ń sáré jù lọ nìyẹn.

Ẹ ṣí Graph Editor, ẹ wo ìlà tó ń sọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ga tó. Ó yẹ kí òkè rẹ̀ rí roboto bí òkè igbá, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì mú ṣóńṣó. Bí ìsàlẹ̀ bá rí bí abọ́, ẹ ti rí ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń jókòó. Ẹ mú àmì tó wà nílẹ̀, ẹ tẹ V, ẹ mú Vector. Ìsàlẹ̀ á mú ṣóńṣó lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ a dúró síbẹ̀. Èmi ò gbà pé ó tó. Ọwọ́ kékeré tó yọ lára àmì náà, tààrà sí àmì tó wà lókè ló kọjú sí, ìyẹn ò sì ga tó. Bọ́ọ̀lù á já bọ́, ṣùgbọ́n kò ní já bọ́ tagbáratagbára. Ẹ fà á sókè títí tí yóò fi ga tó ìlọ́po méjì ibi tó wà, láìsún un sọ́tùn-ún tàbí sósì. Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ti tó nìyí: ẹ lọ sí fírémù 7, tó jẹ́ àárín gbùngbùn ìjábọ́ láti 1 dé 13. Bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ṣì wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 92 sí ilẹ̀. Bó bá ti sún mọ́ 75, ó ṣì ń ṣojo.

Ó ti kan ilẹ̀ ní fírémù 13. Àsìkò ti tó fún un láti sọ irú ẹni tó jẹ́.

Bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ dáadáa á tún padà sókè, àmọ́ kò ní dé ibi tó ti wá. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n dín àkókò kù dípò kí n máa méfò gíga. Ó lo fírémù 12 láti já bọ́. Jẹ́ kó lo 9 láti gòkè, 9 láti padà. Lẹ́yìn náà 7 àti 7, lẹ́yìn náà 5 àti 5. Á tún kan ilẹ̀ ní fírémù 31, lẹ́yìn rẹ̀ 45, lẹ́yìn rẹ̀ 55. Gíga á sì tẹ̀ lé àkókò fúnra rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 69, 42, 21. Ẹ má ṣe yan gíga lọ́tọ̀ kí ẹ sì yan àkókò lọ́tọ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 21 tó sì lo fírémù 9 láti gòkè, ojú ò ní mọ ìdí, ṣùgbọ́n yóò dà bíi pé orí òṣùpá ló wà.

Ọmọ ọlọ ńkọ́? Fírémù 12 kan náà ló fi já bọ́. Tí a bá jù ú sí ilẹ̀ líle, kó lo fírémù 3 láti gòkè, 3 láti padà. Kò ní ga ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, 1 àti 1, ó parí. Ẹni tó bá ń wò ó á ti mọ̀ pé ó wúwo, bẹ́ẹ̀ a ò sì fọwọ́ kan ìjábọ́ rẹ̀ rárá.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ títẹ̀ àti nínà, èyí tí gbogbo yín sáré wá gbọ́. Ọmọ ọlọ ò gba ìkankan nínú rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ òkúta ti sọ ọ́ di fùfú. Bọ́ọ̀lù ni tiẹ̀ máa ń tẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtẹ̀ náà ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá lọ, nígbà tí fírémù kan ju ìdá 4 nínú 100 lọ. Ìyẹn ni pé fírémù 1 péré tí a fi tẹ̀ ẹ́ gan-an ti pọ̀ jù, a kàn ń ṣe é kí ojú lè rí i ni. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún fírémù 4, afẹ́fẹ́ ti jò nínú bọ́ọ̀lù yẹn nìyẹn.

Bí bọ́ọ̀lù bá tẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fẹ̀, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ ò lọ síbì kankan. Nínú àwòrán pẹlẹbẹ, bí gíga bá di ìdá 80 nínú 100, fífẹ̀ á di 125. Nínú Blender, ẹ̀gbẹ́ méjì ló ń fẹ̀, nítorí náà `Z`, ìyẹn gíga, á jẹ́ `0.8`, `X` àti `Y`, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, á jẹ́ `1.118` ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rí ẹni tó fi `1.25` sí méjèèjì. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ló ń sanra.

Ibòmíràn tó ń kó bá yín: àárín bọ́ọ̀lù ni Blender ti ń tẹ̀ ẹ́. Bọ́ọ̀lù tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 22, bó bá tẹ̀ dé ìdá 80, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á fi sẹ̀ǹtímítà 2 ó lé díẹ̀ gbéra kúrò nílẹ̀. Bọ́ọ̀lù tẹ̀ láìkan nǹkan kan! Ẹ gbé ojúlé rẹ̀, tí wọ́n kọ Origin sí, lọ sí ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀lù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Nínà ní tiẹ̀, eré ló ni ín. Lókè, níbi tí eré ò sí, bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ rí roboto. N kì í nà án títí di fírémù 10. Ní fírémù 12, `Z` á di `1.15`, `X` àti `Y` á di `0.93`. Ní 13, ó tẹ̀. Ní 14, ó ti nà padà. Bó bá di ìgbà tó ń kan ilẹ̀ ní fírémù 55, eré ti kéré, kí títẹ̀ náà kéré: `0.95` ti tó. Ẹni tó bá daakọ títẹ̀ àkọ́kọ́ sí gbogbo rẹ̀ á rí i pé bọ́ọ̀lù ń wúwo sí i bó ṣe ń rẹ̀ ẹ́.

Ọmọkùnrin kan nawọ́ lẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, máńgòrò ńkọ́?" Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, ṣebí Ògbómọ̀ṣọ́ la wà. Ìbéèrè gidi sì ni. Mo ní kó wá sídìí kọ̀ǹpútà, kó ṣe é fúnra rẹ̀. Ó fi fírémù 12 ju máńgòrò sílẹ̀, kò nà án. Ní 13, ó tẹ̀ ẹ́ dé `0.85`. Ó ronú díẹ̀, ó bi mí bóyá kóun dá a padà sí `1`. Mo bi í pé ṣé ó pọ́n ni tàbí kò tíì pọ́n. Ó ní ó pọ́n kẹ̀ẹ̀. Ó gbé e dé `0.9` ní fírémù 15, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò jẹ́ kó ta rárá. Nígbà tó jẹ́ kí àwòrán náà máa lọ, obìnrin kan níwájú ní, "Yéè, ó ti fọ́."