Akàn Tó So Aago Mẹ́ta: Bí A Ṣe Lè Túmọ̀ Ẹ̀fẹ̀ Inú Àwòrán

Ẹ kúu jókòó o. Akàn odò lẹ̀ ń wò nínú àwòrán yìí, ó sì so aago ọwọ́ mẹ́ta. Ó ti pẹ́ tí míìmù yìí ti ń pa àwọn ará Ṣáínà lẹ́rìn-ín. Bí a bá kọ “akàn odò tó so aago mẹ́ta” sábẹ́ rẹ̀, a ti túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìku ẹyọ kan, síbẹ̀ kò ní pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín níbí.

Ìbéèrè tí mo máa ń tẹnu mọ́ náà ni mo tún gbé dé: ta ni ẹ̀fẹ̀ yìí ń bá wí? Ẹ má tíì wá ọ̀rọ̀ kankan kẹ́ ẹ tó mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 2004, nígbà ìjọba Hu Jintao, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣàkóso Ṣáínà kéde pé àwọn fẹ́ kọ́ àwùjọ tó kún fún ìrẹ́pọ̀. Héxié ni wọ́n ń pe ìrẹ́pọ̀. Nígbà tí wọ́n ń pa ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn rẹ́ lórí ayélujára, àwọn tí wọ́n pa tiwọn rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé wọ́n ti fi ìrẹ́pọ̀ ṣe àwọn. Kí asẹ́ orí ayélujára tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ náà má baà mú wọn, wọ́n ń kọ héxiè, ìyẹn akàn odò, dípò rẹ̀. Ohùn ìparí nìkan ló yà wọ́n: ti ìrẹ́pọ̀ ń gòkè, ti akàn ń já wálẹ̀. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún àwa tí à ń fi ohùn ya ọkọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ́.

Aago ńkọ́? Jiang Zemin, tó ṣáájú Hu, gbé ẹ̀kọ́ kan kalẹ̀ ní ọdún 2000 pé ohun mẹ́ta ni ẹgbẹ́ náà ń ṣojú fún. Sān ge dàibiǎo lorúkọ ẹ̀kọ́ náà. Ẹ tún un tò, ó di dài sān ge biǎo, tó túmọ̀ sí kéèyàn so aago mẹ́ta. Ìjọba àti àwọn ọ̀rọ̀ dídùn tó fi ń bo ẹnu aráàlú ni ẹ̀fẹ̀ náà ń bá wí. Akàn kọ́.

Ó wá ku kí a fi Yorùbá dárà. Bí a bá pe héxié ní ìṣọ̀kan dípò ìrẹ́pọ̀, ọ̀nà là. Ẹ wo “àwùjọ ìṣọ̀kan”, kẹ́ ẹ wá wo “àwùjọ ìṣọ́ akàn”. Ẹ pè é kíákíá, ẹ ó rí i pé wọ́n sún mọ́ra, ohùn ló yà wọ́n, bíi ti Ṣáínà gan-an. Akàn inú àwòrán kò kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣíṣọ́ni sì tún wọlé. Fún aago, mo lo “ojú aago mẹ́ta” láti fi ta sí “ìṣojú mẹ́ta”. Ìyẹn kò lágbára tó ti àkọ́kọ́, nítorí ẹni tí kò gbọ́ ẹ̀kọ́ Jiang rí kò ní mọ ohun tí à ń ta sí. Ìlà kan gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ àwòrán láti ṣàlàyé rẹ̀. Àwọn ògbufọ̀ kan ń pariwo pé ẹ̀fẹ̀ tí a bá ṣàlàyé ti kú. Kí wọ́n wá fi akàn yìí pa wá lẹ́rìn-ín láìṣàlàyé, kí a rí i!

Ẹ fi iṣẹ́ yín han ẹni tí kò rí ti Ṣáínà rí, kẹ́ ẹ bi í pé ta ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá dáhùn pé akàn ni, ẹ padà sídìí iṣẹ́.

Ibí ni màmá kan ti nawọ́: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí a ò kúkú yọ akàn, kí a wá àwòrán tiwa?” Ìbéèrè yìí ló gba gbogbo àkókò tó kù lọ́wọ́ mi, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní, mà, ohun tí ẹni tó fẹ́ kà á ń wá ló máa sọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀rín lásán, ẹ yọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ń kà nípa Ṣáínà, akàn náà ni ẹ̀rí pé àwọn èèyàn fọhùn nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n dákẹ́. Bí a bá yọ ọ́, a ti bá asẹ́ ṣiṣẹ́ nìyẹn. Nírú àwòrán bẹ́ẹ̀, ẹ má tilẹ̀ pa lẹ́tà Ṣáínà inú rẹ̀ rẹ́. Ìsàlẹ̀ ni kí ìtumọ̀ wà.

Ní ti kíkọ ọ́ sínú àwòrán, kíákíá: ọ̀pọ̀ nínú àwọn lẹ́tà ńlá gìrìwò tí wọ́n fi ń kọ míìmù kò ní Ẹ, Ọ àti Ṣ, àmì ohùn sì máa ń fò sórí lẹ́tà mìíràn. Ẹ dán ÌṢỌ́ AKÀN wò kẹ́ ẹ tó yan lẹ́tà, nítorí bó bá di ISO AKAN, kò sẹ́ni tó máa rí ìṣọ̀kan níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ìlà méjì, ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn, kí àmì orí ìlà ìsàlẹ̀ má baà gun àmì ìdí ìlà òkè.